Ìdẹ́rùbani, àwàdà àti ìjẹ́rìí nínú ìpolówó ọjà

Ìdẹ́rùbani, àwàdà àti ìjẹ́rìí jẹ́ mẹ́ta lára àwọn ọ̀nà tí àwọn apolówó ọjà máa ń gbà yí ọkàn ènìyàn padà sí ohun tí wọ́n ń tà, tàbí sí ìwà tí wọ́n fẹ́ kí ó hù. Ìpolówó tó ń dẹ́rù bani máa ń fi aburú kan han ẹni tó ń wò ó. Èyí tó ń ṣe àwàdà máa ń pa á lẹ́rìn-ín. Èyí tó dá lórí ìjẹ́rìí máa ń gbé ẹnìkan síwájú rẹ̀ tí yóò sọ pé òun ti lo ọjà náà, tàbí pé ohun tí wọ́n ń kìlọ̀ rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí òun rí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń fi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wé ara wọn nínú aròkọ lórí ìyíniléròpadà, pàápàá jù lọ nínú ẹ̀kọ́ èdè, ẹ̀kọ́ ìbánisọ̀rọ̀ àti ẹ̀kọ́ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá.

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ irú aròkọ bẹ́ẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ ni pé èwo nínú wọn ló lágbára jù. Ìbéèrè náà kì í sábà so èso rere, nítorí pé ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń kùnà yàtọ̀ síra. Ìdẹ́rùbani máa ń kùnà nígbà tí ẹni tí ẹ̀rù bà kò bá rí ọ̀nà àbáyọ. Àwàdà máa ń kùnà nígbà tí ẹ̀rín bá bo ọjà mọ́lẹ̀. Ìjẹ́rìí sì máa ń kùnà nígbà tí olùgbọ́ bá rí i pé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kò bá tòun mu, tàbí pé owó ló ń sọ̀rọ̀. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti ìdẹ́rùbani ni àbájáde ìwádìí rẹ̀ kọ́kọ́ rú ènìyàn lójú, òun náà ló sì gba àlàyé jù.

Ìdẹ́rùbani

Àpẹẹrẹ tí àwọn òpìtàn ìpolówó sábà máa ń mẹ́nu bà ni ti Listerine, oògùn olómi kan tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní ọdún 1879 láti máa fi pa kòkòrò àrùn níbi iṣẹ́ abẹ. Orúkọ oníṣẹ́ abẹ ará Bírítéènì nì, Joseph Lister, ni wọ́n fi sọ ọ́. Ní àwọn ọdún 1920, ilé-iṣẹ́ Lambert tó ni ín bẹ̀rẹ̀ sí í polówó rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oògùn ẹnu rírùn. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ ìṣègùn kan tí àwọn ará ìlú kò mọ̀, wọ́n fi pe òórùn ẹnu, wọ́n wá ń ya àwòrán ọmọbìnrin arẹwà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wọlé ọkọ tán tí òun kò sì rí ẹni fẹ́. Ohun tó ń lé ọkùnrin sá kò yé e, kò sì sí ọ̀rẹ́ tí yóò lè sọ fún un.

Kì í ṣe ikú ni ìpolówó yìí fi dẹ́rù bani bí kò ṣe ìtìjú, ìtìjú tí onítọ̀hún kò tilẹ̀ lè fi ojú ara rẹ̀ rí. Ohun tó sì mú kí ó ṣiṣẹ́ ni pé ìgò tó wà lórí káńtà ni ọ̀nà àbáyọ, owó rẹ̀ kò sì ga. Ẹni tó kà á lè mú ẹ̀rù náà kúrò lọ́kàn ara rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Àwọn tó ń ta àgbo nínú ọkọ̀ èrò ní ilẹ̀ Yorùbá mọ ọgbọ́n yìí dáadáa láìka ìwé kankan: wọn yóò kọ́kọ́ to àmì àìsàn lẹ́sẹẹsẹ títí tí gbogbo èrò yóò fi máa fọwọ́ kan ìbàdí ara wọn, lẹ́yìn náà ni ìgò yóò jáde nínú àpò.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ wá gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀rù sórí òṣùwọ̀n, àbájáde rẹ̀ ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Ní ọdún 1953, Irving Janis àti Seymour Feshbach tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí ìtọ́jú eyín. Wọ́n pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíramà kan ní ìpínlẹ̀ Connecticut sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, àádọ́ta akẹ́kọ̀ọ́ nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀wọ́ mẹ́ta gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ní àwòrán nínú fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìmọ̀ràn kan náà ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ẹ̀rù inú rẹ̀ kò dọ́gba. Fún àwọn kan, wọ́n fi eyín jíjẹrà àti èrìgì wíwú hàn, wọ́n sì sọ pé àìsàn náà lè ràn dé ojú àti kíndìnrín. Fún àwọn mìíràn, wọn kò ju kí wọ́n sọ̀rọ̀ ihò eyín lọ. Ọ̀wọ́ kẹrin gbọ́ ọ̀rọ̀ lórí ohun mìíràn pátápátá.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń fọ eyín wọn. Nígbà tí wọ́n yọ àwọn tó fà sẹ́yìn kúrò lára àwọn tó yí padà sí rere, ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún ló kù nínú àwọn tí ẹ̀rù bà díẹ̀, ìdá 22 nínú àwọn tí ẹ̀rù bà níwọ̀ntunwọ̀nsì, àti ìdá 8 péré nínú àwọn tí wọ́n dẹ́rù bà jù. Àwọn tí àyà wọn já jù lọ nínú kíláàsì ni wọ́n ṣe ohun tí wọ́n sọ fún wọn kéré jù. Àlàyé tí Janis àti Feshbach ṣe ni pé bí ẹ̀rù bá pọ̀ tí kò sì tán, ẹni tó ń bà yóò gbé ọkàn rẹ̀ kúrò lórí ọ̀rọ̀ náà kí ara lè tù ú.

Ó rọrùn láti dúró síbí, kí a sì kọ ọ́ sínú aròkọ pé ẹ̀rù púpọ̀ kò dára. Ọ̀pọ̀ ń dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìwádìí tó tẹ̀lé e kò fara mọ́ ìyẹn, èyí tó sì ṣe àlàyé jù nínú wọn ni ti Howard Leventhal, Robert Singer àti Susan Jones ní ọdún 1965. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn ní Yunifásítì Yale ni wọ́n bá ṣe é, lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára tẹ́tánọ́ọ̀sì, àrùn tó máa ń gba ojú ọgbẹ́ wọlé tó sì ń mú kí iṣan ara le gbagidi. Wọ́n fún wọn ní ìwé pẹlẹbẹ kà. Ti àwọn kan ní àwòrán aláìsàn tó bani lẹ́rù gidi. Ti àwọn yòókù rọ̀ díẹ̀. Gbogbo wọn ni wọ́n sọ fún pé abẹ́rẹ́ náà wà ní ilé ìtọ́jú yunifásítì lọ́fẹ̀ẹ́. Àmọ́ fún ìdajì nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi nǹkan kékeré kan kún un: àwòrán ilẹ̀ ọgbà yunifásítì tí wọ́n fa igi yí ilé ìtọ́jú náà ká lórí rẹ̀, àkókò tí wọ́n ń gún abẹ́rẹ́, àti ìmọ̀ràn pé kí akẹ́kọ̀ọ́ wo ètò ọ̀sẹ̀ rẹ̀ láti mọ ìgbà tí yóò yà síbẹ̀.

Ó yẹ kí a rántí pé ọdún ìkẹyìn ni wọ́n wà. Kò sí ẹni tí kò mọ ilé ìtọ́jú náà nínú wọn. Síbẹ̀, nínú àwọn tí kò gba àwòrán ilẹ̀, nǹkan bí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún ló lọ gba abẹ́rẹ́. Nínú àwọn tó gbà á, ó tó nǹkan bí ìdá 28. Ìwọ̀n ẹ̀rù inú ìwé náà kò mú ìyàtọ̀ wá nínú iye àwọn tó lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ẹ̀rù bà jù ló sọ pé àwọn fẹ́ lọ jù. Wọ́n tún fún ọ̀wọ́ mìíràn ní àwòrán ilẹ̀ àti àkókò nìkan láìdẹ́rù bà wọ́n rárá. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tó lọ. Nítorí náà, ẹ̀rù ní iṣẹ́ tirẹ̀: láìsí i, ẹsẹ̀ kò gbéra. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti wà, fífi kún un kò ṣe nǹkan kan bí kò bá sí ọ̀nà tí ẹsẹ̀ yóò tọ̀.

Kim Witte ni ó so èyí pọ̀ ní ọdún 1992. Gẹ́gẹ́ bí ó ṣe sọ, ẹni tó gbọ́ ìkìlọ̀ máa ń kọ́kọ́ wọn ewu náà wò: ṣé ó le, ṣé ó sì lè kan èmi? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, yóò wọn àbáyọ wò: ṣé ohun tí wọ́n ní kí n ṣe ń ṣiṣẹ́, ṣé mo sì lè ṣe é? Ẹni tó gbà pé òun lè ṣe é yóò kojú ewu. Ẹni tí kò gbà bẹ́ẹ̀ yóò kojú ẹ̀rù dípò ewu: yóò yí ojú kúrò, yóò sọ pé irọ́ ni, tàbí kí ó sọ pé ohun kan ni yóò kúkú pa ènìyàn. Nígbà tí Witte àti Mike Allen kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní ọdún 2000, ohun tí wọ́n rí ni pé ẹ̀rù tó lágbára tí àbáyọ tó dájú bá rìn ló ń yí ìwà padà jù, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀rù tó lágbára tí àbáyọ rẹ̀ kò dájú ló ń mú kí ènìyàn di etí rẹ̀ jù.

A lè fi òṣùwọ̀n yìí wo ìkìlọ̀ kan tí àwọn ará Nàìjíríà mọ̀ bí ẹni mowó, èyí tó máa ń sọ tẹ́lẹ̀ pé Ilé-iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ètò Ìlera kìlọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí àwọn amusìgá kú ní kékeré. Ewu wà nínú gbólóhùn náà, ó sì tóbi. Ṣùgbọ́n «àwọn amusìgá» ni ó ń sọ̀rọ̀ nípa wọn, kì í ṣe «ìwọ», nítorí náà ẹni tó mú sìgá lọ́wọ́ lè kà á bí ìròyìn nípa àwọn ẹlòmíràn. Amusìgá tó ti pé ọgọ́ta ọdún pàápàá lè rẹ́rìn-ín sí i pé òun ti kọjá ẹni tí yóò kú ní kékeré. Bí a bá wá ọ̀rọ̀-ìṣe kan tó pàṣẹ ohunkóhun fún òǹkàwé nínú rẹ̀, a kò ní rí i: kò ní kí ó jáwọ́, kò sì sọ ibi tí ẹni tó fẹ́ jáwọ́ lè lọ.

Àwàdà

Iṣẹ́ tí àwàdà mọ̀ ọ́n ṣe ni kí ó dá ènìyàn dúró, kí ó sì mú kí ó fẹ́ràn ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín kì í sábà bá ènìyàn jiyàn. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ẹ̀rín lè gbé ọjà pa mọ́, kí àwọn ènìyàn máa sọ ìtàn ìpolówó náà fún ara wọn láì rántí ohun tí wọ́n ń polówó.

Ìpolówó ọkọ̀ Volkswagen kan tí ilé-iṣẹ́ Doyle Dane Bernbach ṣe ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1960 fi hàn bí a ṣe ń yẹra fún èyí. Àwòrán ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sábẹ́ rẹ̀: «lẹ́mọ́ọ̀nù». Yàtọ̀ sí èso, ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tuntun tó ní àbùkù tí wọ́n tà fún ènìyàn. Ta ni yóò bú ọjà ara rẹ̀ báyìí? Ẹni tó bá tẹ̀síwájú láti ka ọ̀rọ̀ kékeré tó wà nísàlẹ̀ yóò rí i pé irin dídán ara àpótí kékeré iwájú ọkọ̀ náà ló ní àpá, àwọn ayẹ̀ọkọ̀wò ní ilé-iṣẹ́ náà ní Wolfsburg, Jámánì, sì ti rí i, wọ́n ti dá ọkọ̀ náà dúró. Ibi tí ẹ̀rín ti tú ni ẹ̀rí ti jáde. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè sọ àwàdà náà fún ẹlòmíràn láì sọ pé Volkswagen ń yẹ ọkọ̀ rẹ̀ wò fínnífínní.

Ìdánwò kan tẹ̀lé e tí òǹkọ̀wé aròkọ lè lò: kí ó yọ orúkọ ọjà kúrò nínú ìpolówó, kí ó fi ti oúnjẹ tàbí ti ọṣẹ rọ́pò rẹ̀. Bí àwàdà náà bá ṣì dùn bí ó ṣe dùn tẹ́lẹ̀, kò sí okùn tó so ó mọ́ ọjà.

Fídíò *Dumb Ways to Die*, tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ìlú Melbourne ní Ọsirélíà gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, kò rọrùn láti ṣe ìdájọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, àwọn ẹ̀dá kéékèèké aláràbarà ń kú ikú òmùgọ̀ lóríṣiríṣi nígbà tí orin dídùn ń lọ. Orí àwọn tó kú ní ojú irin ni ó parí sí: ẹni tó dúró sí etí pèpéle, ẹni tó wakọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ igi ìdábùú kọjá, ẹni tó sáré gba orí irin. Ó gba ẹ̀bùn Grand Prix márùn-ún níbi àjọ̀dún Cannes Lions ní ọdún 2013, ó sì tàn ká ayé. Ẹni tó bá ní ẹ̀rín bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀ kò jẹ̀bi, nítorí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin kò gùn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣe é fún kì í tẹ́tí sí ìkìlọ̀ àgbàlagbà, orin náà sì mú kí ìwà àìbìkítà dàbí ìwà òmùgọ̀ dípò ìwà akin. Ní ti èmi tó ń kọ èyí, ẹ̀yìn ìdájọ́ kejì ni mo wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn àti iye àwọn tó wò ó kọ́ ni ẹ̀rí rẹ̀. Kò sí ìkankan nínú méjèèjì tó sọ iye ẹni tó fà sẹ́yìn kúrò ní etí pèpéle.

Ìjẹ́rìí

Ìjẹ́rìí ti pẹ́ nínú òwò. Ní ọdún 1765, Olorì Charlotte ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ra àwo tíì lọ́wọ́ amọ̀kòkò Josiah Wedgwood. Wedgwood gba àṣẹ láti máa pe ara rẹ̀ ní amọ̀kòkò Olorì, ó sì fi orúkọ Olorì sọ irú àwo náà. Olorì kò sọ gbólóhùn kan nípa bí àwo náà ṣe le tó. Pé ó wà lórí tábìlì rẹ̀ ti tó.

Irú ẹlẹ́rìí mẹ́ta ni a sábà máa ń rí, ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń yá ọjà kò dọ́gba. Gbajúmọ̀ ń yá a ní ojú àti iyì. Onímọ̀ ń yá a ní ìmọ̀, ṣùgbọ́n kìkì bí ọjà náà bá wà lábẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Dókítà eyín tó ń jẹ́rìí sí táyà ọkọ̀ kò yàtọ̀ sí èrò ọ̀nà. Ẹni lásán ń yá a ní ìjọra: olùgbọ́ yóò sọ pé ẹni yìí rí bí èmi, ohun tó ṣe é lè ṣe mí.

Ohun méjì ló ń ba ìjẹ́rìí jẹ́. Èkíní ni owó tí a kò sọ. Èkejì kò hàn tó bẹ́ẹ̀: ẹlẹ́rìí lè sọ òtítọ́ pọ́ńbélé kí ó sì ṣì wá lọ́nà, nítorí pé ẹnìkan ṣoṣo ni. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó lo oògùn ìfọnra kan, ọ̀kan lè fọn gidi; òun ni wọn yóò gbé sórí tẹlifíṣọ̀n. Ní Amẹ́ríkà, ó tó ọdún mélòó kan tí àwọn apolówó fi ń kọ ọ́ sí igun ìpolówó ní lẹ́tà kéékèèké pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2009, àjọ ìjọba tó ń bójú tó òwò níbẹ̀ yí ìlànà rẹ̀ padà: gbólóhùn kékeré yẹn kò tó mọ́, ìpolówó gbọ́dọ̀ sọ ohun tí oníbàárà lè retí ní gidi. Ìlànà kan náà béèrè pé kí ẹlẹ́rìí sọ ọ́ síta bí ohun kan bá wà láàárín òun àti olówó ọjà.

Ìpolówó Terrie Hall

Àwọn ọ̀nà wọ̀nyí kì í sábà dá rìn, èyí sì hàn nínú ètò kan tí ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà fún ìdènà àrùn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2012, nínú èyí tí àwọn tó ti mu sìgá rí ti ń sọ ohun tí ó fojú wọn rí. Ọ̀kan lára wọn ni Terrie Hall, ọmọ ìpínlẹ̀ North Carolina, tí àrùn jẹjẹrẹ mú kí wọ́n yọ gògóńgò rẹ̀.

Nínú ìpolówó rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù, ó ní òun fẹ́ kọ́ àwọn amusìgá bí wọn yóò ṣe máa múra láàárọ̀. Ó fi eyín àtọwọ́dá sẹ́nu. Ó dé irun àtọwọ́dá. Ó ki ohun èlò tó fi ń sọ̀rọ̀ bọ ihò ọrùn rẹ̀, ó sì fi aṣọ kékeré bò ó. Ohùn rẹ̀ há, ó sì gbẹ. Nígbà tó parí, ó ní wọ́n ti ṣe tán báyìí fún ọjọ́ náà. Bí ìtọ́ni aṣaralóge ni ó ṣe sọ gbogbo rẹ̀. Ìrísí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti àwàdà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó lè rẹ́rìn-ín sí i. Òun ni ẹlẹ́rìí, òun ni ewu. Lẹ́yìn rẹ̀ ni nọ́ńbà tẹlifóònù ọ̀fẹ́ tí ẹni tó fẹ́ jáwọ́ lè pè fara hàn.

Nọ́ńbà yẹn ló dúró ní ipò àwòrán ilẹ̀ Leventhal. Ní ọ̀sẹ̀ méjìlá tí ètò náà fi lọ ní ọdún náà, iye ìpè tó wọ ìlà náà ju ìlọ́po méjì ti irú àkókò yẹn ní ọdún tó ṣáájú lọ. Hall kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2013, ní ẹni ọdún 53.

Ó yẹ kí a bi ìpolówó yìí náà léèrè ohun tí a bi ti oògùn ìfọnra. Kì í ṣe gbogbo amusìgá ni wọ́n ń yọ gògóńgò rẹ̀, nítorí náà ẹnìkan lè sọ pé wọ́n mú àpẹẹrẹ tó burú jù. Ìdáhùn tó wà ni pé kò sọ pé bí yóò ṣe rí fún gbogbo ènìyàn nìyí, àti pé ìmọ̀ràn rẹ̀ tọ̀nà fún amusìgá tí àrùn mìíràn yóò mú. Bóyá ìdáhùn yẹn tó tàbí kò tó jẹ́ ohun tí aròkọ rere lè jiyàn lé lórí.

Nínú aròkọ

Aròkọ tó fi ọ̀nà wọ̀nyí wéra máa ń lágbára nígbà tí ó bá mú ìpolówó méjì tó ní ète kan náà, bíi ìkìlọ̀ ara páálí sìgá àti ìpolówó Hall. Bí ọ̀kan bá ń ta ọkọ̀ tí èkejì sì ń dènà àrùn, òǹkàwé kò ní mọ̀ bóyá ọ̀nà ìpolówó ló fa ìyàtọ̀ tàbí ohun tí wọ́n ń polówó. «Ìjẹ́rìí dára ju ìdẹ́rùbani lọ» kì í ṣe kókó tó ṣeé jà fún, nítorí pé Hall lo méjèèjì. Èyí tó ṣeé jà fún ni pé ìkìlọ̀ páálí sọ ewu nípa ẹni tí a kò rí, kò sì fi ọ̀nà kankan hàn, nígbà tí Hall fi ojú ẹnìkan wé ewu náà tó sì fi nọ́ńbà sílẹ̀. Gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ní ohun tí alátakò lè dì mú: ó lè sọ pé owó tẹlifíṣọ̀n ló mú ìyàtọ̀ wá.

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀, òun ni kí a pín ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí àbọ̀ Aristotle, kí ẹ̀rù àti ẹ̀rín jẹ́ ti ọkàn, kí ìjẹ́rìí jẹ́ ti ìwà olùsọ̀rọ̀. Àwàdà Volkswagen jẹ́ ẹ̀rí fún làákàyè ju bí ó ṣe jẹ́ ẹ̀rín lọ, ìjẹ́rìí Hall sì ń ba ọkàn jẹ́.

Níbi tí aròkọ bá ti tọ́ka sí ìwádìí, ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tí wọ́n wọ̀n. Janis àti Feshbach béèrè lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹnu wọn ni ó gbà á. Leventhal àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wo àkọsílẹ̀ àwọn tó gba abẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá dúró lórí ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yale ní àwọn fẹ́ ṣe, wọn ì bá kọ ọ́ pé ìwé tó dẹ́rù bani jù ló borí.